Sípíréyà Afọwọ́pọ́ńpù àti Oníbátìrì: Bí Ẹ Ṣe Lè Dá Wọn Mọ̀ Nínú Fọ́tò Kí Ẹ Tó Sanwó

Bí ẹnìkan bá fi fọ́tò sípíréyà àlòkù ránṣẹ́ sí yín, ẹ má kọ́kọ́ wo orúkọ tó wà lára rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ló ń lẹ orúkọ tiwọn mọ́ tánkì tó jọra bí ìbejì, síbẹ̀ wọ́ṣà ọ̀kan lè má wọ inú èkejì. Ibi tí agbára tó ń ti omi jáde ti ń wá ni kí ojú yín wá.

Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ tánkì. Afọwọ́pọ́ńpù ní ọ̀pá tó gba abẹ́ tánkì yọ síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó gbé e kọ́ ẹ̀yìn. Òsì ló sábà máa ń wà, kí ọwọ́ ọ̀tún lè ráyè di ọ̀pá ìfọ́n mú. Oníbátìrì kì í ní ọ̀pá yìí. Ìdí tirẹ̀ ló máa ń ga bí àpótí, nítorí bátìrì àti pọ́ńpù kékeré ló wà níbẹ̀, ẹ ó sì rí bọ́tìnì tí à ń fi tan án àti ihò tí à ń ki ṣájà bọ̀. Bí ẹ bá rí ọ̀pá àti ihò ṣájà lára ẹyọ kan, èyí tó ń ṣe méjèèjì ni, ọ̀nà méjì ló sì lè gbà bàjẹ́.

Fọ́tò kan kò tó. Ẹ ní kí olùtajà ya ẹ̀gbẹ́ òsì, abẹ́ tánkì, inú tánkì láti ẹnu rẹ̀, àti orí ọ̀pá ìfọ́n ní ìtòsí. Inú tánkì ni mo fẹ́ràn jù. Bí ìdọ̀tí bá ti gan mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ béèrè oògùn tí wọ́n fi fín. Sípíréyà tí wọ́n fi oògùn apakoríko fín, tí wọn ò fọ̀ dáadáa, lè ba irúgbìn yín jẹ́.

Ní ti afọwọ́pọ́ńpù, síìlì inú pọ́ńpù ló máa ń kọ́kọ́ jẹ. Ẹ ó mọ̀ bí ẹ bá ń fa ọ̀pá tí kò tako ọwọ́ yín, tí omi sì ń jáde láìní agbára. Ẹ má lọ sọ́dọ̀ oníspéà pẹ̀lú orúkọ tánkì. Ẹ tú síìlì àtijọ́ dání, kí ẹ sì fi rúlà wọn inú sìlíńdà láti etí kan dé èkejì ní mìlímítà. Síìlì tó ti jẹ ti kéré sí i, nítorí náà ìwọ̀n sìlíńdà ni kí ẹ gbà gbọ́. Bí ara sìlíńdà bá ti ha, síìlì tuntun kò ní pẹ́ níbẹ̀.

Ní ti oníbátìrì, bátìrì ni ọ̀rọ̀ wà. Ọ̀pọ̀ wọn ń lo bátìrì onílẹ́ẹ̀dì ti fólítì 12. Kí wọ́n fi ṣájà gbaná sí i kó kún, kó sinmi fún wákàtí díẹ̀, kí wọ́n wá fi mítà wọ̀n ọ́n: ó yẹ kó wà ní nǹkan bíi 12.7. Ìyẹn nìkan kò tó ẹ̀rí o. Kí wọ́n bu omi kún tánkì, kí wọ́n tan án. Bí mítà bá já wálẹ̀ sí 10.5 láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, bátìrì náà ti kú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣì ń tanná. Ẹ ka nọ́ńbà ara rẹ̀, kí ẹ sì wọn gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀ kí ẹ tó ra òmíràn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹyọ kan. Ká ní irú rẹ̀ tuntun jẹ́ 100 ní owó yòówù tí ẹ ń ná. Olùtajà ń béèrè 60 lórí oníbátìrì, ara tánkì mọ́, bẹ́líìtì pé, ṣùgbọ́n bátìrì já sí 10.5, ẹnu ìfọ́n rẹ̀ sì yẹ ní pípààrọ̀. Ẹ pe oníspéà, ó ní bátìrì tuntun jẹ́ 25, ẹnu ìfọ́n sì jẹ́ 3. Bí èyí tí ara rẹ̀ le pátápátá bá ń lọ ní 60, ẹ yọ 28 kúrò, ó ku 32. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti dúnàá-dúrà. Bó bá sọ pé òun kò lè gba ìsàlẹ̀ 50, ẹ ó ná 78 kó tó ṣiṣẹ́, tuntun sì ń bọ̀ ní 100 pẹ̀lú ìdánilójú. Èmi ò ní rà á.

Ẹnu ìfọ́n kò ṣeé fi fọ́tò mọ̀. Ẹ fi ife oníwọ̀n gba omi rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ fi tuntun irú kan náà rọ́pò rẹ̀ lórí sípíréyà kan náà, kí ẹ tún gbà á. Bí ti àtijọ́ bá fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ju ti tuntun lọ, ihò rẹ̀ ti fẹ̀, oògùn yín yóò sì máa ṣòfò lórí ilẹ̀.