Clone Stamp tàbí Healing Brush nínú Photoshop: yíyọ sítíkà iye owó kúrò nínú fọ́tò ìgò

Lára ìgò roboto tó dúró ṣánṣán, ìmọ́lẹ̀ máa ń yí padà láti ọ̀tún sí òsì, ṣùgbọ́n láti òkè dé ìsàlẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn Clone Stamp jù, irinṣẹ́ tó ń da apá kan fọ́tò kọ sórí apá mìíràn: di Alt mú, tẹ ibi tó wà lókè sítíkà gan-an, kí o wá kùn ún wálẹ̀ tààrà. Bí o bá mú àwọ̀ láti ẹ̀gbẹ́, ìlà yóò hàn níbi tí òjìji ti yí padà.

Healing Brush máa ń mú àwọ̀ bá àyíká mu fúnra rẹ̀, ó sì dára fún àmì kékeré tó bá kù. Àmọ́ bí sítíkà bá kan etí ìgò, ó máa ń fa àwọ̀ ẹ̀yìn fọ́tò wọnú ìgò, etí náà á sì rí bàìbàì.