Mo fi Generative Fill fẹ fọ́tò tóóró fún bánà ṣọ́ọ̀bù aláàdìrẹ l'Ábẹ́òkúta: ibi tó ti ṣiṣẹ́, àti ibi tí kò yẹ kí ẹ gbé iṣẹ́ fún un

Ẹni tó bá ń ṣe bánà l'Ábẹ́òkúta mọ wàhálà yìí dáadáa. Oníbàárà á fi fọ́tò ránṣẹ́, òòró ni wọ́n dá fóònù dúró nígbà tí wọ́n ń yà á, bẹ́ẹ̀ bánà tí wọ́n fẹ́ kọ́ síwájú ṣọ́ọ̀bù fẹ̀ ju bó ṣe ga lọ. Ohun tá a máa ń ṣe tẹ́lẹ̀ ni pé ká na fọ́tò náà títí ojú èèyàn á fi fẹ̀ bí àwo, tàbí ká fi àwọ̀ kan ṣoṣo dí ibi tó ṣófo. Látìgbà tí Adobe ti gbé Generative Fill jáde nínú Photoshop lọ́dún 2023, ọ̀nà mìíràn ti wà: irinṣẹ́ náà á wo ohun tó wà létí fọ́tò, á sì fúnra ẹ̀ ya ìyókù. Mo ti ń lò ó fún iṣẹ́ owó. Iṣẹ́ kan pàtó ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé, torí òun ló jẹ́ kí n rí ibi tí agbára ẹ̀ mọ.

Ìyá kan tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú ló ni iṣẹ́ náà. Bánà ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ sí mẹ́rin ni wọ́n fẹ́. Ọmọ wọn ti ya wọ́n síwájú ṣọ́ọ̀bù, ògiri aláwọ̀ ìpara ló wà lẹ́yìn wọn, àdìrẹ kan sì wà tí wọ́n fi kọ́ lápá òsì, tí etí fọ́tò gé sí méjì. Mo ní kí ọmọ náà fi fọ́tò ọ̀hún ránṣẹ́ bíi fáìlì, kó má fi ránṣẹ́ bíi àwòrán lásán, torí WhatsApp máa ń fún fọ́tò pọ̀ kó tó fi jíṣẹ́. Nígbà tó dé, 3024 píksẹ́lì ni ìbú ẹ̀, 4032 sì ni òòró ẹ̀.

Ibí yìí ni iṣẹ́ gan-an ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ èèyàn sì ti ń kánjú kọjá. Nínú ẹ̀yà tí mo lò, bó ti wù kí ibi tí ẹ sàmì sí tóbi tó, àwòrán tí irinṣẹ́ yìí ń yà kì í ju 1024 píksẹ́lì lọ ní ìbú àti ní òòró. Tí ibi tí ẹ sàmì sí bá tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, ńṣe ni yóò na èyí tó yà kó lè kún ibẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa ń rí bánà tí ojú èèyàn inú ẹ̀ mọ́ kedere, tí ògiri ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ sì rí bàìbàì. Ẹ lè má rí i lójú kọ̀ǹpútà nígbà tí gbogbo iṣẹ́ bá fara hàn pa pọ̀. Ẹ tẹ `Ctrl+1` kí píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan hàn bó ṣe wà, kí ẹ wo ibi tí fọ́tò ti pàdé ohun tí irinṣẹ́ yà. Lára fọ́tò, ẹ óò rí hóró simẹ́ńtì lára ògiri. Ní ìdàkejì, ẹ óò rí i pé ògiri kan náà ń dán bíi pé wọ́n nù ún.

Nítorí náà, mo kọ́kọ́ dín fọ́tò náà kù kí n tó fẹ̀ ẹ́. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò ẹ̀. Bánà tí èèyàn máa wò láti òdìkejì títì kò nílò ju 40 píksẹ́lì lọ nínú ínṣì kan. Tẹ́ ẹ bá ti jìnnà sí i tó ẹsẹ̀ bàtà bíi méje, ojú yín ò ní lè ya píksẹ́lì kan sọ́tọ̀ kúrò lára ìkejì. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ jẹ́ ínṣì 96, tá a bá fi 40 sọ ọ́ di púpọ̀, ó di 3840. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin di 1920. Gbogbo bánà náà kò ju 3840 sí 1920 lọ. Mo gé fọ́tò ìyá náà láti orí dé ìbàdí kó lè ní igun mẹ́rin tó dọ́gba, 3024 sí 3024, lẹ́yìn náà mo lọ sí `Image Size`, mo sì dín in kù sí 1920 sí 1920. Èrè mìíràn tún wà níbẹ̀: fọ́tò tá a bá dín kù báyìí máa ń mọ́ sí i, èérún kéékèèké tí kámẹ́rà fóònù ń fi sára òjìji sì máa ń pòórá, kí ìyàtọ̀ tó wà láàárín fọ́tò àti ohun tí irinṣẹ́ yà má pọ̀.

Mo wá ṣí `Canvas Size`, mo fi fọ́tò sápá ọ̀tún, mo sì sọ ìbú ẹ̀ di 3840. Gbogbo apá òsì ló ṣófo báyìí, ibẹ̀ sì ni orúkọ ṣọ́ọ̀bù àti nọ́ńbà fóònù máa wà. Ká ní mo sàmì sí gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ni, irinṣẹ́ máa na iṣẹ́ ẹ̀ tó fẹ́ẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì. Dípò bẹ́ẹ̀, mo mú irinṣẹ́ ìsàmì onígun mẹ́rin, mo yan `Fixed Size`, mo kọ 1024 px sí 1024 px, mo sì pín ibi tó ṣófo sí mẹ́rin: méjì lókè, méjì nísàlẹ̀. Èyí tó bá fọ́tò pààlà lókè ni mo kọ́kọ́ ṣe. Mo jẹ́ kí àmì náà wọnú fọ́tò ní 64 píksẹ́lì, torí ohun tó wà níbẹ̀ ni irinṣẹ́ yóò fi mọ bó ṣe máa bá a lọ. Tí kò bá wọnú fọ́tò rárá, ìlà tín-ín-rín kan lè fara hàn níbi tí méjèèjì ti pàdé. Ó ku 960 tó jẹ́ tuntun lára 1024 yẹn. Ẹ̀ẹ̀mejì 960 sì ni 1920, ó ṣe rẹ́gí. Àwọn ti ìsàlẹ̀ gun ti òkè ní 128.

Ẹ tẹ `Generative Fill`, ẹ má kọ nǹkan kan sínú àpótí, kí ẹ tẹ `Generate`. Oríṣi mẹ́ta ló máa gbé wá, ẹ óò rí wọn nínú `Properties`, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì wà lórí ìpele kan náà tó dá dúró, fọ́tò tí ẹ gbé wọlé kò yí padà. Orí ẹ̀rọ Adobe ni iṣẹ́ yìí ti ń wáyé, kì í ṣe lórí kọ̀ǹpútà yín, nítorí náà dátà gbọ́dọ̀ wà, kírẹ́dítì Adobe yín sì ń lọ nígbàkúùgbà tí ẹ bá tẹ `Generate`. Ẹ rí i pé ìṣirò yín pé kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́.

Ògiri náà jáde dáadáa. Hóró simẹ́ńtì ẹ̀ bá ti fọ́tò mu, òjìji tó ṣú díẹ̀ lábẹ́ òrùlé sì tẹ̀ síwájú bó ṣe yẹ. Bó bá jẹ́ ògiri, ojú ọ̀run, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ tàbí ewéko ló wà létí fọ́tò yín, mo lè fi ọkàn balẹ̀ sọ pé ẹ lò ó.

Ti àdìrẹ tí etí fọ́tò gé sí méjì yẹn ló yàtọ̀. Torí pé mi ò kọ nǹkan kan, irinṣẹ́ náà fẹ aṣọ ọ̀hún. Aṣọ tó yà lẹ́wà. Aró ni àwọ̀ ẹ̀, funfun ẹ̀ sì fọ́n bó ṣe máa ń fọ́n. Nígbà tí mo fi han ìyá náà, wọ́n sún mọ́ kọ̀ǹpútà, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ta ló pa aṣọ yìí láró? Èmi ò ta irú ẹ̀ rí."

Òótọ́ ni wọ́n sọ, ohun tí wọ́n sì rí ṣe é fojú rí fún ẹnikẹ́ni tó bá mọ ibi tó yẹ kó wò. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí wọ́n ń ṣe l'Ábẹ́òkúta, páànù tí wọ́n ti gé bátánì sí lára ni wọ́n sábà fi ń tẹ ẹ̀kọ sórí aṣọ. Páànù kan náà ni wọ́n ń gbé láti ibì kan dé ibòmíràn lórí aṣọ, nítorí náà igun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ jọ èyí tó tẹ̀ lé e. Bí ẹyẹ bá wà nínú ọ̀kan, ẹyẹ yẹn náà ló máa wà nínú ìkejì, pẹ̀lú ìyẹ́ kan náà. Nínú aṣọ tí irinṣẹ́ yà, ẹyẹ àkọ́kọ́ pé, èkejì ti fẹ́ẹ̀ di ewé, ẹ̀kẹta ò ní orí. Ó mọ bí àdìrẹ ṣe ń rí lójú, kò mọ̀ pé páànù kan wà lẹ́yìn ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló máa ń rí pẹ̀lú lẹ́tà tí wọ́n kọ sára ògiri àti ọwọ́ èèyàn tí etí fọ́tò gé: ohunkóhun tó bá ní ìlànà tó gbọ́dọ̀ pé, ìrísí ẹ̀ nìkan ni irinṣẹ́ ń mú.

Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ yìí ju ọ̀rọ̀ ẹwà lọ. Ọjà tí ìyá yìí ń tà nìyẹn. Bí oníbàárà bá na ọwọ́ sí bánà pé irú aṣọ yẹn lòun fẹ́, kí ni wọ́n máa gbé fún un? Àwọn obìnrin tó ń ṣe aró ní ìlú yìí ti ń bá bátánì ayédèrú tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ fà á tipẹ́, kò sì yẹ kó jẹ́ orí bánà tiwọn la ti máa fi òmíràn kún un.

Ohun tí mo ṣe ni pé mo pa ìpele yẹn rẹ́, mo sàmì sí ibì kan náà padà, mo wá kọ ọ̀rọ̀ sínú àpótí lọ́tẹ̀ yìí:

```
plain cream plaster wall
```

Irinṣẹ́ náà parí aṣọ sí etí fọ́tò, ó sì fi ògiri kún ìyókù. Mo ní kí ọmọ ìyá náà na aṣọ kan náà sára ògiri, kó dúró gan-an níwájú ẹ̀, kó yà á nínú ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ tó jọ ti fọ́tò àkọ́kọ́. Mo gbé e lé orí ògiri tuntun náà, ó bo etí tí irinṣẹ́ yà, mo sì fi òjìji díẹ̀ sábẹ́ ẹ̀. Gbogbo aṣọ tó wà lórí bánà yẹn ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù.

Ó ku ìmọ́lẹ̀. Àwọn àmì méjì tó jìnnà sí fọ́tò jù ò rí nǹkan kan lára fọ́tò gan-an, iṣẹ́ irinṣẹ́ fúnra ẹ̀ ni wọ́n ń wò, nítorí náà ògiri ibẹ̀ mọ́lẹ̀ ju ti ẹ̀gbẹ́ ìyá náà lọ. Ẹ dín bí iṣẹ́ ṣe tóbi lójú kọ̀ǹpútà kù títí á fi kéré gan-an, ìyàtọ̀ náà á hàn. Mo fi `Curves` mú un ṣú díẹ̀, ó tán.

Mo pa fáìlì onípele náà mọ́, ó sì dára bẹ́ẹ̀, torí kó tó di pé wọ́n tẹ̀ ẹ́, ìyá náà ní àwọn fẹ́ kó di ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá. Ẹsẹ̀ bàtà méjì tó lé yẹn jẹ́ 960 píksẹ́lì: mo tún sún `Canvas Size` sápá òsì, mo fi àmì méjì kún un, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, mo sì fi fáìlì ránṣẹ́ sí àwọn tó máa tẹ̀ ẹ́.