Ògiri pákó àbí kọnkéré tó nípọn: èwo ló ń gbóná lálẹ́?

Ògiri pákó fẹ́lẹ́ kì í tọ́jú ooru pamọ́ o, tí oòrùn bá ti kàn án báyìí yàrá á ti gbóná, àmọ́ toòrùn bá wọ̀, kíá ló ń tutù. Kọnkéré tó nípọn tó ínǹṣì 8 ní tiẹ̀, ṣe ló máa gba ooru yẹn sára, á wá máa rìn díẹ̀díẹ̀ nínú ògiri fún bíi wákàtí 5 kó tó yọ sínú ilé, torí náà èyí tóòrùn pa ní aago 4 ìrọ̀lẹ́, bí aago 9 alẹ́ ni inú ẹ̀ máa gbóná jù, ìgbà téèyàn fẹ́ sùn gan-an! Ẹ fọwọ́ kàn án nígbà yẹn, ẹ máa mọ̀. Fún yàrá ìsùn, pákó ni màá mú, àfi tẹ́ ẹ bá lè ṣíji bo kọnkéré yẹn láti ìta.