Áàpù ínfọ́ìsì tó fẹ́ bá onílé dá owó mi dúró ju àdéhùn lọ

Orí ínfọ́ìsì kẹta ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ilé kan ni mo gbà kọ́, 10,000,000 ni gbogbo iṣẹ́ náà. Àdéhùn wa ni pé onílé á máa dá 10% dúró nínú owó iṣẹ́ tí mo bá ti ṣe, àmọ́ tí owó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ bá ti pé 500,000, ìyẹn 5% gbogbo iṣẹ́, kò gbọdọ̀ dá nǹkan kan kún un mọ́. Ẹni tó bá ń gba iṣẹ́ ilé mọ irú àdéhùn yìí dáadáa.

Ínfọ́ìsì kìíní àti ìkejì lọ geerege. Nígbà ìkejì, iṣẹ́ tí mo ti ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ jẹ́ 4,500,000. Áàpù yọ 450,000 dúró, ó ku 4,050,000, ó yọ 1,800,000 tí mo ti gbà tẹ́lẹ̀, ó ní kí n béèrè 2,250,000. Ó péye. Nígbà tó di ìkẹta, iṣẹ́ ti di 7,000,000. Ni áàpù bá yọ 700,000 dúró! Ó ní 2,250,000 ni kí n tún béèrè. 2,450,000 ló tọ́ sí mi. Ó fẹ́ fi 200,000 mi sílẹ̀ lọ́wọ́ onílé, bẹ́ẹ̀ onílé wo ló máa pè ọ́ pé owó tí o béèrè ti kéré jù?

Mo kọ̀wé sí àwọn tó ń dá oníbàárà lóhùn. Ọmọbìnrin kan fèsì: “Ẹ má bínú, sà. Ẹ kàn yí 10% yẹn sí 5%.” Mo yí i. Áàpù padà lọ ka gbogbo iṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ní 5%, ó dá 350,000 péré dúró, ó wá ní kí n béèrè 2,600,000. Ó ti fi 150,000 lé e! Tí mo bá fi ìyẹn ránṣẹ́, sọfíyọ̀ onílé á dá a padà, owó mi á sì wà nílẹ̀ títí a ó fi parí àríyànjiyàn. Mo fi ìṣirò ránṣẹ́ sí i ní ìlà-ìlà. Èsì rẹ̀ ni pé, “Sà, áàpù wa kì í ṣe àṣìṣe nínú ìṣirò.” Inú bí mi débi pé mo ti tẹ ọ̀rọ̀ kan tí mi ò lè kọ síbí, kí n tó pa á rẹ́.

Mo ní kí wọ́n fún mi ní ẹlòmíì. Bàbá kan ló pè mí, ohùn rẹ̀ sì fi hàn pé ó ti jókòó sí ọ́fíìsì ibi iṣẹ́ ilé rí. Kí n tó sọ̀rọ̀ jìnnà, ó bi mí pé: “Ṣé iṣẹ́ yín ti kọjá ìdajì?” Ibẹ̀ gan-an ni gbogbo rẹ̀ wà. Tó bá jẹ́ 10% ni wọ́n ń dá dúró, tí ààlà rẹ̀ sì jẹ́ 5% àdéhùn, ìgbà tí iṣẹ́ bá pé ìdajì ni ààlà náà máa kún. Ṣáájú ìgbà yẹn, kò sẹ́ni tó lè rí àṣìṣe áàpù yìí. Ó ní kí n dá 10% padà sáyè rẹ̀, kí n ṣí ibi tí wọ́n kọ “Àpapọ̀ owó ìdádúró” sí, kí n fọwọ́ tẹ 500,000 síbẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́, 2,450,000 jáde. “Ẹ ṣeun, bàbá,” ni mo sọ, mi ò sì mọ ìgbà tí mo rẹ́rìn-ín.

Láti ìgbà náà, kí n má purọ́, mo ń gbádùn áàpù náà. Ó ní ìwé ọ̀tọ̀ fún owó ìdádúró, kò kó o pọ̀ mọ́ gbèsè tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá, nítorí náà kì í fi lẹ́tà ìránnilétí yọ onílé lẹ́nu lórí owó tí àkókò rẹ̀ kò tíì tó. Nígbà tí mo kó kọ́kọ́rọ́ ilé fún un, mo tẹ bọ́tìnnì kan, ìdajì owó ìdádúró náà, ìyẹn 250,000, bọ́ sínú ínfọ́ìsì tó kẹ́yìn pẹ̀lú 3,000,000 iṣẹ́ tó kù. 250,000 yòókù wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tí àsìkò àtúnṣe àbùkù máa parí, áàpù á sì pè mí tó bá kù díẹ̀. Ọ̀pọ̀ agbaṣẹ́ṣe ló ti gbàgbé ìdajì kejì yìí sọ́wọ́ onílé nítorí pé wọ́n ti kó lọ síbòmíì.

Àmọ́ tí wọ́n bá fi iṣẹ́ kún iṣẹ́ fún yín, kí àdéhùn di 11,000,000, ẹ rántí pé ààlà ti di 550,000. Ẹ̀yin lẹ máa fọwọ́ yí i, áàpù kò ní sọ fún yín.

Ìràwọ̀ 2 nínú 5. Mo ti sanwó ọdún tó ń bọ̀.