Iṣẹ́ láìkì fídíò tó ń sanwó lójú ẹsẹ̀: ẹ wo ibi tí owó yẹn ti ń wá

Ẹ̀yin èèyàn mi, iṣẹ́ ónláìnì tí wọ́n ń polówó káàkiri yìí, tí wọ́n ní kó o jókòó sílé kó o máa láìkì fídíò kí wọ́n máa sanwó fún ẹ, mo ṣe é, wọ́n sì sanwó fún mi lóòótọ́. Owó kékeré yẹn gan-an ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, torí òun ni kì í jẹ́ kéèyàn fura mọ́.

Ẹnì kan tí mi ò mọ̀ rí ló fi mẹ́sééjì ránṣẹ́ sí mi lórí Wọ́sáàpù, ó ní òun ń wá òṣìṣẹ́ fún iléeṣẹ́ ìpolówó kan. Kò bi mí ní ìwé tí mo kà, kò bi mí níṣẹ́ tí mo mọ̀ ọ́n ṣe, ó ṣáà ní kí n láìkì fídíò mẹ́ta kí n ya sikirinṣọ́ọ̀tù ẹ̀ ránṣẹ́, kí n wá lọ gbowó mi lọ́wọ́ ẹlòmíì lórí Tẹligíráàmù. Kò pẹ́ rárá lowó wọlé. Mo wá fẹ́ mọ̀ bóyá láìkì yẹn tiẹ̀ wúlò fún wọn, ni mo bá fi sikirinṣọ́ọ̀tù àtijọ́ ránṣẹ́ dípò tuntun, wọn ò wò ó, wọ́n sanwó. Ìgbà yẹn ló hàn sí mi pé kò sẹ́ni tó ń ra láìkì níbẹ̀, ọkàn èèyàn ni wọ́n ń fowó rà.

Ẹ tún wo orúkọ tó ń sanwó. Kò sígbà tí orúkọ iléeṣẹ́ jáde lórí ẹ̀, orúkọ èèyàn ni, ti òní yàtọ̀ sí ti àná. Ẹni yẹn lè jẹ́ ẹni tí wọ́n ti sún dé ibi tó ti ń fowó sílẹ̀, tí wọ́n fún ní nọ́ńbà akáǹtì rẹ pé ibẹ̀ ni kó san án sí. Tónítọ̀hún bá wá lọ fẹjọ́ sùn, báǹkì lè ti akáǹtì tìẹ pa, bó tiẹ̀ jẹ́ pé kékeré lo gbà.

Ibi tó ti burú wá ni "iṣẹ́ olówó". Mi ò wọ̀ ọ́, àmọ́ àbúrò mi wọ̀ ọ́, ó sì ní kí n sọ ọ́ síta. Wọ́n ní kó fi 20 USDT sílẹ̀, ìyẹn owó kírípítò tí ọ̀kan rẹ̀ tó nǹkan bíi dọ́là kan, wọ́n dá 26 padà fún un, ó sì rí i gbà. Lẹ́yìn náà wọ́n kó o sínú gúrúùpù ẹlẹ́ni mẹ́rin, wọ́n ní iṣẹ́ mẹ́ta ló so kọ́ra, kò sẹ́ni tó lè yọ owó àyàfi tí gbogbo wọn bá parí. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ 100, ìkejì 350, ìkẹta 900. Bó bá ti ń lọ́ra báyìí, àwọn mẹ́ta tó kù á máa bẹ̀ ẹ́ pé owó àwọn ti há, pé kó má fi tiẹ̀ bá tàwọn jẹ́, ojú a tì í, a san án, kò sì mọ̀ pé ọ̀kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àti ọ̀gá wọn.

Nígbà tó san 1,350 tán, ojú ìwé wọn ń fi 1,755 hàn án. Ó fẹ́ yọ ọ́, wọ́n ní kó kọ́kọ́ san owó orí, ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn 351. Ó pè mí: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wò ó, owó ń bẹ níbẹ̀, 351 péré ló kù." Mo ní kó sọ fún wọn kí wọ́n yọ 351 yẹn nínú 1,755 kí wọ́n fún un ní ìyókù. Wọ́n ní ètò àwọn ò gbà bẹ́ẹ̀. Ibi téèyàn á ti mọ̀ nìyẹn, torí ká ní owó wà nínú akáǹtì yẹn lóòótọ́, kí ló dé tí wọn ò lè yọ ọ́ níbẹ̀? Nọ́ńbà lásán ni wọ́n tẹ̀ síbẹ̀, wọ́n lè tẹ iye tó bá wù wọ́n. Ká ní ó san 351 yẹn pàápàá, wọ́n á tún ní ó tẹ bọ́tìnnì kan ṣì, kó san owó àtúnṣe.

Kò san án. A ò jáde nínú gúrúùpù náà títí a fi ya gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ, àdírẹ́ẹ̀sì wáléètì tó sanwó sí àti nọ́ńbà ìdánilójú gbogbo owó tó fi ránṣẹ́, torí tí wọ́n bá ti lé ẹ jáde wọ́n lè pa gbogbo ẹ̀ rẹ́. A kó o fún ọlọ́pàá àti iléeṣẹ́ tí àbúrò mi ti ra USDT yẹn. Téèyàn bá gba báǹkì san án, kó pè wọ́n lójú ẹsẹ̀, wọ́n lè rí i dá dúró kó tó kúrò níbi tó lọ, ṣùgbọ́n ti USDT, tó bá ti lọ, kò sí bó o ṣe lè fa á padà fúnra rẹ.

Kò pẹ́ sígbà yẹn lẹnì kan tún kọ̀wé sí i pé lọ́yà lòun, òun á bá a gba owó ẹ̀ padà, kó kàn san owó fọ́ọ̀mù. A ò dá a lóhùn, a ya tiẹ̀ náà mọ́ àwọn tó kù.