Lẹ́yìn ICAN: àfikún owó ni, àbí ìgbéga?

Ẹ jẹ́ ká mú akọ̀wé ìṣirò owó kan ní ilé-ìwòsàn aládàáni ní Kàbbà, tó ń gba 120,000 náírà lóṣù, tó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ yege ìdánwò ICAN, ẹgbẹ́ àwọn oníṣirò owó Nàìjíríà. Àfikún owó ló yá jù, ọ̀gá lè fọwọ́ sí i lóṣù yìí. Ìgbéga ń dúró de àyè tó ṣófo, olórí ìṣirò owó kan ṣoṣo sì ni irú ibẹ̀ sábà máa ń ní.

Ẹ wo ibi tí wọ́n kọ àfikún sí o. Bí 30,000 náírà bá wọ inú owó oṣù gan-an, níbi tí òṣìṣẹ́ bá ti tó mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, òfin ìfẹ̀yìntì ọdún 2014 ní kí agbanisíṣẹ́ fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, 3,000, kún owó ìfẹ̀yìntì yín lóṣooṣù. Bí wọ́n bá pè é ní àjẹmọ́nú lásán, ó lè má wọ̀ ọ́, ó sì rọrùn láti gé.

Ìgbéga kò rọrùn láti gbà padà, àmọ́ ẹ má gba oyè tí lẹ́tà rẹ̀ kò dárúkọ iye owó.

Bí olórí ìṣirò bá ń sún mọ́ ìfẹ̀yìntì, ẹ béèrè ìgbéga. Bí kò bá sí àyè lókè, owó ni kí ẹ béèrè.