Irinṣẹ́ tó ń wọ aṣọ fún oníbàárà nínú fọ́tò: ohun tí mo rí láàárín oṣù méjì

Búbù aládìrẹ ni mo ń tà lórí ayélujára láti Ìbàdàn. Oṣù méjì rèé tí mo ti ń fi irinṣẹ́ ayàwòrán kan wọ aṣọ fún àwọn oníbàárà lára fọ́tò tí wọ́n fúnra wọn fi ránṣẹ́, kí wọ́n tó sanwó. Ó wúlò fún mi gan-an, ṣùgbọ́n ó ní ibi tí mo lè gbára lé e dé.

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ohun tó bá ṣáà ti wá sí mi lọ́kàn ni mo ń tẹ̀ fún un. Búbù kan ṣoṣo ni mo fi han ènìyàn mẹ́fà: ó dé kókósẹ̀ lára ẹnìkan, ó mọ sí orúnkún lára ẹlòmíì. Màmá kan tí ara wọn tóbi, irinṣẹ́ náà fà wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, ó tún sọ wọ́n di apọ́nbéporẹ́. "Ọmọ mi, ta lèyí?" ni wọ́n bi mí. Ó dùn mí, torí ara tiwọn gan-an ni wọ́n fẹ́ fi rí aṣọ náà.

Mo wá jókòó, mo kọ ọ̀rọ̀ kan náà tí mo ń lò fún gbogbo fọ́tò:

```
Dress the person in Image 1 in the dress from Image 2.
Keep face, skin tone, body size, pose and background unchanged.
Hem: ankle. Sleeves: elbow.
```

Fọ́tò oníbàárà ló máa ń ṣáájú, ti aṣọ tí mo tẹ́ sílẹ̀ yà, á wá tẹ̀lé e. Ìlà tó kẹ́yìn nìkan ni mo ń pààrọ̀, nígbà tí mo bá bọ́ sórí aṣọ mìíràn. Oníbàárà kọ̀ọ̀kan ni mo sì ń bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun fún, torí ọjọ́ tí n kò ṣe bẹ́ẹ̀, gèlè ẹni tó ṣáájú ló bọ́ sórí ẹni tó tẹ̀lé e.

Mo tún àwọn mẹ́fà yẹn ṣe. Márùn-ún bára mu. Ẹni kẹfà káwọ́ mọ́ àyà, apá aṣọ bá dà pọ̀ mọ́ iwájú rẹ̀. Fọ́tò mìíràn tó ti sọ ọwọ́ sílẹ̀ ni mo ní kó yà.

Ibi tó ti ń fún mi ní wàhálà jù ni bátànì. Ìbàdàn dùn ni orúkọ adìrẹ náà, òpó gbọ̀ngàn Mápó ló wà lára rẹ̀, pẹ̀lú ṣíbí láàárín wọn. Irinṣẹ́ yìí sọ òpó di igi, ṣíbí sì pòórá. Nígbà tí mo fi fọ́tò kẹta kún un, èyí tí mo yà sún mọ́ aṣọ pẹ́kípẹ́kí, tí mo sì kọ ọ́ pé bátànì ibẹ̀ ni kó tẹ̀lé, òpó padà wá, àmọ́ iye wọn kì í pé. Mo máa ń fa àwòrán náà tóbi níbi àyà kí n lè kà wọ́n. Ìdí nìyí tí fọ́tò aṣọ gidi fi ń bá gbogbo àwòrán tí mo bá fi ránṣẹ́ rìn.

Kò sì mọ ínǹṣì rárá. Búbù tí àyà rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 44 á bá ẹnikẹ́ni mu nínú àwòrán, nítorí náà mo ṣì ń béèrè ìwọ̀n àyà àti ìdí kí n tó gbowó.

Mo fi àwòrán tuntun ránṣẹ́ sí màmá yẹn. Wọ́n ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, èmi nìyí." Ínǹṣì 48 ni mo rán tiwọn sí.